Kí La Fi Ń Mọ Kúùkù àti Wétà Tó Yẹ Ká Gbà?

Bí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta ṣe ń gba kúùkù kò le rárá. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn ń wá ẹni tó ní ìrírí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá wá á jókòó níwájú mánéjà, mánéjà á bi í níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè, iye owó oṣù tó fẹ́ àti àdúgbò tó ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ bá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, tí ìmúra rẹ̀ sì mọ́, wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù onídùúró, ó di ọjọ́ Ajé. Nínú gbogbo ìbéèrè yẹn, kò sí ọ̀kan tí ẹni tí kò mọ oúnjẹ sè kò lè dáhùn lọ́nà tó dùn ún gbọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé wákàtí kan nídìí sítóòfù fún kúùkù, tàbí ogún ìṣẹ́jú nídìí tábìlì fún wétà, bí a bá ṣètò rẹ̀ bákan náà fún gbogbo ẹni tó wá, tí a sì kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, ń sọ òótọ́ ju iye ọdún tó wà nínú ìwé lọ. Ìbéèrè ẹnu náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ibi tí ọwọ́ kò ti lè fi nǹkan hàn ni iṣẹ́ ọ̀hún wà.

Àwọn tó kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò kì í ṣe onílé oúnjẹ. Ní ọdún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ọdún márùnlélọ́gọ́rin jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́ ní oríṣiríṣi iṣẹ́. Wọ́n fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láàrin òdo àti oókan: òdo ni ọ̀nà tí kò sọ nǹkan kan fún ni nípa bí èèyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́, oókan ni èyí tí kò ní tàsé láé. Ìdánwò tí èèyàn ti ń ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ náà gan-an gba 0.54, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò gba 0.51, iye ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò sì ju 0.18 lọ. Ní ọdún 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, nítorí wọ́n gbà pé àfikún tí àwọn aṣáájú wọn ṣe sí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ti pọ̀ jù. Ìdánwò iṣẹ́ wálẹ̀ sí 0.33, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò dúró sí 0.42, èyí tí kò ní ètò já sí 0.19, iye ọdún ìrírí sì di 0.07. Ẹni tó bá fẹ́ tako mi lè di àtúnṣe yìí mú, kó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti borí ìdánwò. Mo gbà pé nọ́ńbà náà gbà á láyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wo èyí tó borí dáadáa: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò ni, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gba ìbéèrè kan náà, tí a sì ti kọ ohun tí ìdáhùn rere jẹ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Èyí tí à ń ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ wa ni èyí tó gba 0.19, ìrírí ọdún mẹ́ta tí à ń béèrè nínú ìkéde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sọ nǹkan kan. Gbogbo iṣẹ́ ni ìwádìí wọ̀nyí kó pọ̀, wọn kò dá ilé ìdáná yà sọ́tọ̀. Nítorí náà ọ̀nà tí a ó tọ̀ nìkan ni mo ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ìdánwò fúnra rẹ̀, inú ilé ìdáná la ti máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oúnjẹ kan tó ní ìjókòó ogójì, tó ń ta jọ̀lọ́ọ̀fù, fúráìdì ráìsì, ẹja yíyan, adìyẹ àti sàláàdì, tó ń wá kúùkù tí yóò dúró nídìí iná ní ọ̀sán tí èrò máa ń pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò ní máàkì: a ó mú ẹni náà káàkiri, a ó fi ibi tí ọbẹ, iyọ̀, aṣọ ìnuwọ́ àti fíríìjì wà hàn án, nítorí ẹni tó ń wá iyọ̀ kiri nínú ilé ìdáná àjèjì yóò dà bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó gbé alùbọ́sà mẹ́rin, tòmátò méjì, kùkúḿbà kan àti itan adìyẹ tútù kan ka iwájú rẹ̀. Pákó ìgé-nǹkan kan yóò wà lórí tábìlì, èkejì yóò wà lórí pẹpẹ. A ó sọ pé kó gé ewébẹ̀ fún sàláàdì, kó sì tọ́jú adìyẹ sílẹ̀ fún díndín. A kò ní sọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò gé ohun tí a ó jẹ ní tútù kó tó fọwọ́ kan adìyẹ, tàbí kó mú pákó kejì wá. Bó bá jẹ́ adìyẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé, tó kàn fi aṣọ nu pákó náà, tó wá kó kùkúḿbà lé e, ó ti gbé kòkòrò àrùn láti ara adìyẹ tútù lọ sínú oúnjẹ tí iná kò ní kàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wù kó yá tó, àṣìṣe yìí ju kí gígé ọ̀hún má dọ́gba lọ. Ní ti gígé fúnra rẹ̀, ìka ọwọ́ tó di alùbọ́sà mú la ń wò, bóyá ó ká wọn sínú kúrò lójú ọbẹ, àti bóyá àwọn ègé náà rí bákan náà, nítorí bí wọn kò bá dọ́gba, àwọn kékeré á ti jóná kí àwọn ńlá tó rọ̀.

Apá kejì ni kó dín itan adìyẹ náà. A ó fi tẹmọ́mítà oúnjẹ sórí tábìlì láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kúùkù ló ń fi àwọ̀ mọ̀ pé adìyẹ ti jinná, bẹ́ẹ̀ ẹran ẹ̀gbẹ́ egungun lè pọ́n nígbà tó ti jinná, òmíràn sì lè funfun nígbà tí kò tíì jinná. Ohun tí a fẹ́ rí ni pé kó fi irin tẹmọ́mítà bọ ibi tó nípọn jù láìkan egungun, kó sì dúró títí yóò fi dé 74°C. Ẹni tí kò lo tẹmọ́mítà rí kò ní tìtorí èyí pàdánù, bó bá gé ibi tó nípọn láti wò ó, tó sì mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọ̀nà tẹmọ́mítà hàn án tó sì gbà á, ìyẹn náà ní máàkì.

Apá kẹta ló sún mọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì jù lọ. Ọ́dà méjì yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà fún tábìlì kan: ẹja yíyan tó nílò bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti fúráìdì ráìsì tí a ti se ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìrẹsì nítorí pé òun ló yá, tí ìrẹsì wá tutù kí ẹja tó jinná, kò tíì kọ́ iṣẹ́ ìdí iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn oúnjẹ rẹ̀ lé téńté nílé. Nígbà tí ẹja bá ti wà lórí iná bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó ń wò ó yóò ké sí i pé oníbàárà ní kí ata má sí nínú ìrẹsì. Ṣé ó dáhùn sókè? Ṣé ó tún ohun tó gbọ́ sọ? Àbí ó dákẹ́, tí ata sì bá a dé inú àwo? Máàkì tó pọ̀ ń lọ fún ẹni tí àwo méjèèjì rẹ̀ jáde láàrin ìṣẹ́jú méjì síra wọn, ní gbígbóná, láìsí ata nínú ìrẹsì. Ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ la ó gbé ọbẹ̀ ata kan tí a mọ̀ọ́mọ̀ din iyọ̀ rẹ̀ kù síwájú rẹ̀ kó tọ́ ọ wò, kó sì tún un ṣe. Ẹni tó da iyọ̀ sí i kó tó tọ́ ọ wò ti sọ nǹkan fún wa. Ẹni tó tọ́ ọ wò tó sì dá ṣíbí náà padà sínú ìkòkò ti sọ òmíràn.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí ìdánwò gùn tó báyìí, pé ẹyin kan ṣoṣo ti tó. Nínú ilé ìdáná àwọn Faransé, ọ́múlẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìdánwò àtijọ́ fún kúùkù tuntun, ó sì ní ìdí: ẹyin kì í fara mọ́ àṣìṣe, kíá ni iná tó pọ̀ jù máa ń hàn lára rẹ̀. Ohun tí mo rí lòdì sí i ni pé irú ọ́múlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, tí iná kò mú kí ara rẹ̀ pọ́n, tí inú rẹ̀ sì rọ̀, ń dán ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn lọ wò ju iṣẹ́ tó fẹ́ wá ṣe lọ. Obìnrin tó ti ń dín ẹyin pẹ̀lú ata àti alùbọ́sà fún igba èèyàn láràárọ̀ lè kùnà níbẹ̀, kó sì jẹ́ òun ni kúùkù tó dára jù tí ilé náà lè rí. Inú mẹ́nù ilé náà ló yẹ kí ìdánwò ti jáde. Bí ẹ kò bá ta ọ́múlẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi dán ẹnikẹ́ni wò.

Àtakò kan wà tí mo kà sí pàtàkì jùyẹn lọ, ìyẹn ni pé irú ìdánwò yìí ti di ọ̀nà láti lo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn ilé oúnjẹ kan wà tí yóò ní kí èèyàn wá ṣiṣẹ́ odindi ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìdánwò, tí ẹlòmíràn á wá lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn lọ́jọ́ kẹta, tí a kò sì gba ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin Ìlú Ọba ní ọdún 2018, nígbà tí Stewart McDonald, aṣojú kan láti Scotland, gbé àbá kan wá láti fòpin sí ìdánwò iṣẹ́ tí a kò sanwó fún. Àkókò tán lórí àbá náà, kò di òfin. Ààlà tó yẹ ká pa kò ṣòro. Bí oúnjẹ tí ẹni náà sè bá dé iwájú oníbàárà tó sanwó, iṣẹ́ ló ṣe, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí i. Ìdánwò tí mo ṣàpèjúwe yìí kò kọjá wákàtí kan, àwọn tó ń wò ó ló ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ọ̀sán tí ilé ti dákẹ́ ni a ń ṣe é, síbẹ̀ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni ohun tó kéré jù tó yẹ ká fún ẹni náà. Ilé tó bá ní òun kò lè ná owó adìyẹ kan àti owó ọkọ̀ lórí ẹni tí òun fẹ́ fi ìdí iná lé lọ́wọ́ yóò ná ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí oúnjẹ tí àwọn oníbàárà bá dá padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò ló kan ìbéèrè, kì í ṣe ṣáájú, nítorí bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn tẹ́lẹ̀, ojú tí a fi ń wo gígé alùbọ́sà á ti yí padà. Ìbéèrè tí mo gbà pé ó sàn jù fún kúùkù ni èyí: “Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n se ìrẹsì yìí, orí tábìlì ló wà títí di aago méjì ọ̀sán yìí, ọ́dà fúráìdì ráìsì márùn-ún sì ti wọlé. Kí lẹ máa ṣe?” Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ yóò fún wa ni pé àwọn á dín in dáadáa kí ó gbóná. Ó jọ òótọ́, ó sì léwu. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní Básílọ́ọ̀sì síríọ́ọ̀sì, tí irúgbìn rẹ̀ máa ń la sísè já. Bí ìrẹsì bá jókòó fún wákàtí púpọ̀ níbi tí kò tutù tí kò sì gbóná, irúgbìn náà á hù, á sì pọ̀, á sì tu májèlé kan sínú rẹ̀ tí iná fífi dín kò lè bà jẹ́. Láti inú fúráìdì ráìsì ni àwọn dókítà ní Ìlú Ọba ti kọ́kọ́ mọ irú èébì yìí dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá ní òun á da ìrẹsì náà nù, òun á sọ fún mánéjà, òun á sì se òmíràn, gba márùn-ún nínú márùn-ún. Ẹni tó ní òun á bi mánéjà léèrè kí òun tó ṣe ohunkóhun gba mẹ́ta. Ẹni tó ní òun á dín in gba ọ̀kan, ì báà ti ṣe kúùkù fún ogún ọdún. Ìbéèrè kejì ń lọ sẹ́yìn: “Ẹ sọ ìgbà kan tí oúnjẹ bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí èrò pọ̀. Kí lẹ ṣe, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ sí òun rí kò tíì dé ìdí iná, tàbí kò fẹ́ sọ òótọ́. Ìbéèrè nípa ọkọ, aya, oyún, ìjọ àti ìlú abínibí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú oúnjẹ, kí a yọ wọ́n kúrò.

Ọ̀rọ̀ wétà yàtọ̀, nítorí pé ẹnu gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò àti ìbéèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan náà. Èèyàn mẹ́ta láti inú ilé náà yóò jókòó bí oníbàárà, wọn yóò sì fún un ní mẹ́nù ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú kó kà á. Ẹni àkọ́kọ́ yóò béèrè jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ, èkejì yóò béèrè ẹja, yóò wá yí i padà sí jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ nígbà tí ẹ̀kẹta bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kẹta yóò sì gba ẹja, yóò sọ pé ẹ̀pà kì í bá ara òun mu, yóò wá béèrè bóyá ó wà nínú ata tí wọ́n ń fi yan án. A ti mọ̀ọ́mọ̀ má kọ ọ́ sínú mẹ́nù. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ bi kúùkù.” Ẹni tó fẹ́ tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, tó rẹ́rìn-ín, tó sì ní kò sí ẹ̀pà níbẹ̀, ti kùnà nínú apá tó wúwo jù. Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kan ní àríwá England rán ẹni tó ni ilé oúnjẹ kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí oníbàárà kan kú. Olóògbé náà ti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀pà nínú oúnjẹ òun, wọ́n ti kọ ọ́ sórí ìdérí ike oúnjẹ náà pàápàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi lúbúlúbú tó ní ẹ̀pà, tí kò wọ́n, rọ́pò lúbúlúbú álímọ́ńdì nínú ilé ìdáná.

Ohun kejì tí à ń wò ni bóyá wétà náà yóò ka gbogbo ọ́dà padà fún tábìlì kó tó lọ. Ó ń dín àṣìṣe kù, pàápàá níbi tí ẹnì kan ti yí ọ̀rọ̀ padà. Rick van Baaren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán an wò nínú ilé oúnjẹ kan ní Netherlands, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2003 pé owó tí àwọn oníbàárà fi ń ta wétà lọ́rẹ pọ̀ sí i nígbà tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ka ọ́dà padà. Lẹ́yìn èyí ló kan owó. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ méjì ní 4,500 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹja kan ní 7,200, omi mẹ́ta ní 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà mú 20,000 wá. Kó ṣírò 17,700, kó sì dá 2,300 padà, pẹ̀lú bébà àti bírò bó bá fẹ́. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú wọn yóò ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti inú fóònù, yóò fi ojú fóònù han wétà, yóò sì dìde. Ní ilé oúnjẹ wa lónìí, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń to fọ́ọ̀kì lọ. Kò yẹ kó pariwo mọ́ oníbàárà, kò sì yẹ kó jẹ́ kó lọ, à ń fẹ́ ẹni tó lè sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ ṣeun sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan kí n rí àlàátì lọ́dọ̀ kaṣíà.”

Ẹni tó tako irú ìdánwò yìí jù ní ọ̀rọ̀ wétà ni ẹni tó gbà pé ìwà ló ṣáájú ọgbọ́n iṣẹ́. Danny Meyer, tó dá ilé oúnjẹ Union Square Cafe sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1985, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 2006 pé ìwà àti ìfẹ́ èèyàn ni òun ń fún ní ìdá mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọ́n iṣẹ́ ló ń gba ìyókù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé a lè kọ́ èèyàn bí a ṣe ń gbé àwo mẹ́ta. Ohun tí mo ń bi í ni báwo la ṣe máa rí ìwà. Bí a bá ní ẹnu la ó fi mọ̀ ọ́n, a ti padà sí 0.19. Ìwà máa ń hàn nígbà tí ọwọ́ bá dí, nítorí náà inú ìdánwò náà la ti ń wá a: bóyá ó kí ẹni tó ń fọ àwo, bóyá ó nu ibi tó ti ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ọ̀nà tó dájú jù ni pé kí a tọ́ka àṣìṣe kan fún un níparí, kí a sì ní kó tún apá yẹn ṣe. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí òun ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á dákẹ́, á sì tún un ṣe bákan náà. Ẹni tó gbọ́, tó béèrè ìbéèrè kan, tó sì ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kejì ni èmi yóò gbà, bí máàkì rẹ̀ àkọ́kọ́ bá tilẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti ẹlòmíràn. Àtúnṣe yìí náà ló ń dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rù máa ń ba èèyàn lójú ìdánwò: ìgbà kejì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n á ti balẹ̀.

Gbogbo èyí kò wúlò bí ẹni tó ń wò ó bá ń fún ni ní máàkì bó ṣe wù ú. Èèyàn méjì ni kó wò, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀, nítorí bí ọ̀gá bá ti ní “ó dára,” ta ló máa ní kò dára? Kí wọ́n sì gbà pé ìdánwò kò lè sọ ohun gbogbo. Ó ń fi ohun tí èèyàn lè ṣe nígbà tí ojú wà lára rẹ̀ hàn; kò fi hàn bóyá yóò dé lásìkò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí òjò ń rọ̀, tàbí bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Onídùúró kò lè sọ èyí náà fún wa. Ẹni tí a lè mú ni onídùúró, kì í ṣe ẹni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n, kí a sì pè é fúnra wa lórí fóònù, kí a bi í ní ìbéèrè mélòó kan tí kò ṣeé fi “èèyàn dáadáa ni” dáhùn: ẹ̀ẹ̀melòó ló pẹ́ dé nínú oṣù tó lò kẹ́yìn, kí ló mú un lọ, bí ó bá padà wá lọ́la, ṣé ẹ ó gbà á?

Kí a má sọ àwọn ìwé máàkì náà nù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí mánéjà kó wọn jáde, kó fi máàkì ìdánwò ẹni tí a gbà wé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí gbogbo ẹni tó wá bá gba márùn-ún nínú gígé alùbọ́sà, apá yẹn kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì, kí a dín àkókò rẹ̀ kù. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn tó kùnà nínú ọ́dà méjì náà ni oúnjẹ wọn ń pẹ́ jáde jù ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ibẹ̀ ni kí a fi ìṣẹ́jú tí a yọ kúrò lára alùbọ́sà sí, kí ọ́dà méjì di mẹ́ta.